Ọyẹ́ Dé, Àwọn Afọpáńẹ́lì Dé: Ìṣirò Ni Kí Ó Pe Ọjọ́ Ìfọ̀, Kì í Ṣe Ariwo

Lọ́dọọdún, bí oṣù kọkànlá bá ti ń lọ sópin tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti apá àríwá, àwọn tí ó fi iná sólà sórí ilé ní Ṣakí, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ọ̀yọ́ àti ní Ìlọrin a máa gbọ́ ìmọ̀ràn méjì tí ó tako ara wọn. Àwọn kan a ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, òjò ni yóò fọ páńẹ́lì náà. Àwọn mìíràn, tí ìfọ̀ gan-an jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ wọn, a ní bí wọn kò bá fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, owó tí wọ́n ná ti wọgbó. Ìmọ̀ràn méjèèjì kò tọ̀nà. Ti àkọ́kọ́ ń fi owó ṣòfò ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ti èkejì ń fi owó ṣòfò pẹ̀lú ariwo, ó sì ń rán ọmọ ọlọ́mọ gun orí páànù tútù nígbà tí kò pọn dandan.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó rárá. Páńẹ́lì kì í ṣe àwo oúnjẹ tí a gbọ́dọ̀ fọ̀ kí àlejò má baà bú wa. Irinṣẹ́ tí ń pa owó ni, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó sì yẹ kí ẹni tí ó ni ín bi ara rẹ̀: iná tí ìfọ̀ yóò gbà padà, ṣé iye rẹ̀ ju owó tí ìfọ̀ fúnra rẹ̀ yóò jẹ lọ? Bí ó bá jù ú, kí ó fọ̀ ọ́. Bí kò bá tíì tó o, kí ó dúró. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ohun tí ó ń bí ni nínú ni pé kò sí ẹni tí ó ń bá oníbàárà ṣe ìṣirò náà, bẹ́ẹ̀ ìṣirò tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe ni.

Eruku méjì ni ọyẹ́ ń gbé wá

Kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí a ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní orúkọ kan. Eruku ọyẹ́ ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá. Ibi tí ó ń pọ̀ jáde jù ni àfonífojì Bodélé ní orílẹ̀-èdè Ṣáàdì, níbi tí adágún omi ńlá kan ti gbẹ ní ayé àtijọ́ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì di ìyẹ̀fun. Afẹ́fẹ́ a gbé ìyẹ̀fun náà, a sì gbé e kọjá Kánò àti Ìlọrin títí dé etíkun. Nígbà tí ó bá dé orí ilé ẹni, iṣẹ́ méjì ni ó ń ṣe.

Èkínní, ìdá kan nínú rẹ̀ a balẹ̀ sórí gíláàsì páńẹ́lì. Ìmọ́lẹ̀ tí ó yẹ kí ó wọlé a kọlu eruku yìí, a sì padà. Eléyìí ni omi lè fọ̀. Èkejì, ìdá mìíràn a dúró sí òfuurufú bíi kùrukùru. Òun ni ó ń mú kí oòrùn aago mẹ́wàá rí bí àwo funfun lójú ọ̀run, tí òkè tí kò jìnnà kò sì ṣeé rí mọ́. Kùrukùru yìí ń tú ìmọ́lẹ̀ oòrùn ká kí ó tó dé ilẹ̀ rárá. Kò sí omi, kò sí fóòmù, kò sí afọpáńẹ́lì tí ó lè fọ òfuurufú. Ní ọjọ́ tí kùrukùru bá sì nípọn dáadáa, ohun tí ó ń mú lọ lójúmọ́ kan lè ju ohun tí eruku orí gíláàsì kó jọ ní ọ̀sẹ̀ méjì lọ.

Ibẹ̀ ni ẹ̀tàn ti ń wọlé, àní nígbà tí kò sí ẹni tí ó pète láti tan ẹnikẹ́ni. Onílé wo ojú ínfátà rẹ̀, ó rí i pé iná tí ó ń wọlé ti dín kù gan-an. Ó pe afọpáńẹ́lì. Ìyẹn fọ̀ ọ́ ní ọjọ́ Jímọ̀. Afẹ́fẹ́ yí padà ní ọjọ́ Sátidé, òfuurufú mọ́, iná fò sókè, gbogbo ilé sì pàtẹ́wọ́ fún ọmọkùnrin onígarawa. Bí kùrukùru bá tún padà ní ọjọ́ Ajé tí iná sì tún lọ sílẹ̀, wọn a ní páńẹ́lì ti tún dọ̀tí, ẹ tún pè é wá. Bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ṣe ń sanwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí a ṣe ń mọ èyí tí ó jẹ̀bi

Ọ̀nà kan wà tí a fi lè dá ẹjọ́ láàárín àwọn méjèèjì, kò sì gba ẹ̀rọ olówó ńlá. Ká ní obìnrin kan ń ta ẹja inú yìnyín ní Ògbómọ̀ṣọ́. Páńẹ́lì mẹ́fà ni ó wà lórí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 550, a sì so wọ́n ní ìlà méjì, mẹ́ta-mẹ́ta, tí ìlà kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwọlé tirẹ̀ lára ínfátà. Ínfátà náà sì ń fi iye tí ìlà kọ̀ọ̀kan ń mú wá hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọjọ́ kejìdínlógún rèé tí wọ́n ti fọ páńẹ́lì gbẹ̀yìn, òjò kò sì rọ̀ láti ìgbà náà.

Ní ọ̀sán, ó wo ojú ínfátà: ìlà àkọ́kọ́ ń mú wáàtì 1,050 wá, ìlà kejì náà 1,050. Ó jẹ́ kí wọ́n fọ ìlà àkọ́kọ́ nìkan ní ìdájí ọjọ́ kejì, wọn kò sì fọwọ́ kan ìlà kejì. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó tún wò ó: èyí tí a fọ̀ ń mú 1,140 wá, èyí tí a kò fọ̀ ń mú 1,040 wá. Ìṣẹ́jú kan náà ni ó ka méjèèjì, abẹ́ òfuurufú kan náà ni méjèèjì wà, nítorí náà kùrukùru kò lè ṣe ojúsàájú. Ìyàtọ̀ 100 yẹn ni ẹrù eruku orí gíláàsì. Ó jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ìlà mímọ́ ń mú wá. Bí a bá pín in sí ọjọ́ méjìdínlógún, ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ni eruku ń jẹ kún un lójoojúmọ́.

Kí ó sì tún ṣàkíyèsí ohun kejì. Wáàtì 1,650 ni a kọ sẹ́yìn páńẹ́lì mẹ́ta náà ní àpapọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìfọ̀ pàápàá, 1,140 ni ó ń wọlé. Ibo ni ìyókù lọ? Kùrukùru mú tirẹ̀, ooru ara páńẹ́lì náà sì mú tirẹ̀, nítorí bí páńẹ́lì bá ti gbóná kọjá ìwọ̀n 25 ti Sẹ́síọ́sì, agbára rẹ̀ a máa dín díẹ̀díẹ̀ ní ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tí ìfọ̀ yóò dá padà nínú wọn. Afọpáńẹ́lì tí ó bá tọ́ka sí 1,650 náà tí ó sọ pé òun yóò mú un padà, irọ́ ni ó ń pa.

Ẹ̀tọ́ kan wà tí ìdánwò yìí ní: bátìrì kò gbọdọ̀ tíì kún nígbà tí a bá ń ka iye náà. Bí bátìrì bá kún tí ohun tí ń jẹ iná kò sì pọ̀, ínfátà fúnra rẹ̀ ni yóò dín iná tí ń wọlé kù, ojú rẹ̀ yóò sì fi iye kékeré hàn bí ẹni pé páńẹ́lì dọ̀tí. Ẹni tí páńẹ́lì rẹ̀ jẹ́ ìlà kan ṣoṣo kò lè ṣe àfiwé oníṣẹ́jú kan náà yìí. Kí ó wo iye ọ̀sán ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin ṣáájú ìfọ̀ àti ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, kí ó sì yọ ọjọ́ tí òfuurufú bá yàtọ̀ gedegbe kúrò.

Ọjọ́ tí ìfọ̀ ń san owó ara rẹ̀

Nísinsìnyí ni ìṣirò lè bẹ̀rẹ̀. Ká ní páńẹ́lì obìnrin náà, nígbà tí ó bá mọ́, ń mú yúnìtì iná mẹ́wàá wá lójúmọ́ nínú ọyẹ́, ó sì ń lo gbogbo rẹ̀ tán fún firísà. Bí iná yìí kò bá wá, jẹnẹrétọ̀ ni yóò tàn. Bí lítà bẹntiróòlù bá jẹ́ náírà 900, tí jẹnẹrétọ̀ kékeré sì ń mú yúnìtì kan àbọ̀ jáde nínú lítà kan, yúnìtì kọ̀ọ̀kan jẹ́ náírà 600 fún un. Iná òòjọ́ rẹ̀ jẹ́ náírà 6,000. Ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ náírà 30.

Ní ọjọ́ kìíní lẹ́yìn ìfọ̀, náírà 30 ni eruku jẹ. Ní ọjọ́ kejì, eruku ti di méjì, ó jẹ náírà 60. Ní ọjọ́ kẹta, 90. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa gorí ara wọn. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ní òpin ọjọ́ keje, àpapọ̀ ohun tí ó sọnù jẹ́ náírà 840. Ní òpin ọjọ́ kejìdínlógún, ó di náírà 5,130.

Bí afọpáńẹ́lì bá ń gba náírà 5,000, ìdájọ́ ti jáde. Ẹni tí ó bá pè é ní ọjọ́ keje san 5,000 lé e lórí ìpàdánù tí kò tíì pé 1,000. Ẹni tí ó bá dúró di ọjọ́ kejìdínlógún pè é ní ọjọ́ tí ìpàdánù àti owó iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dọ́gba. Ọjọ́ ìdọ́gba yìí gan-an ni ọjọ́ tí ó dára jù láti fọ̀ ọ́, kì í sì í ṣe àròsọ: bí ènìyàn bá fọ̀ ọ́ ṣáájú rẹ̀, owó afọpáńẹ́lì ni yóò pọ̀ jù, bí ó bá fọ̀ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀, owó eruku ni yóò pọ̀ jù.

Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì kí ó kó o pọ̀ fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ ọyẹ́ tí òjò kò rọ̀. Ìfọ̀ ọjọ́ méjìdínlógún-méjìdínlógún jẹ́ ìgbà márùn-ún: náírà 25,000 fún iṣẹ́, àti náírà 25,650 tí eruku jẹ, àpapọ̀ rẹ̀ kò ju 51,000 lọ. Ìfọ̀ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ jẹ́ ìgbà mẹ́tàlá: 65,000 fún iṣẹ́, àti nǹkan bí 11,000 tí eruku jẹ, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 76,000. Ẹni tí kò fọ̀ ọ́ rárá, tí eruku sì ń pọ̀ sí i bẹ́ẹ̀ láìdúró, yóò pàdánù ohun tí ó ju 120,000 lọ. Ẹni tí ó ń fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ń sọ náírà 25,000 nù nítorí ìbẹ̀rù. Ẹni tí ó ń dúró de òjò ń sọ ìlọ́po rẹ̀ nù nítorí ìmẹ́lẹ́. Àárín wọn ni òtítọ́ wà.

Iye wọ̀nyí kì í ṣe òfin fún gbogbo ilé. Eruku ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí a kò da ọ̀dà sí yàtọ̀ sí ti àárín oko. Ti Ṣakí yàtọ̀ sí ti Èkó. Àmọ́ ọ̀nà ìṣirò náà kò yí padà, ó sì ń fi ohun kan hàn tí àwọn oníwàásù ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ kì í fẹ́ gbọ́: ohun tí iná rọ́pò ni ó ń sọ iye tí ìfọ̀ níye lórí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ tí ó ń ṣàkóso iná mànàmáná ní Nàìjíríà gbé owó yúnìtì kan fún àwọn oníbàárà ìpele kìíní sí náírà 225, ó sì fà á sẹ́yìn díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ilé tí ó ń gba irú iná bẹ́ẹ̀ fún wákàtí ogún lójúmọ́ kò fi sólà rọ́pò jẹnẹrétọ̀. Iná ìjọba ni ó fi rọ́pò. Bí a bá fi náírà 210 sí ipò 600 nínú ìṣirò òkè yìí, ọjọ́ ìdọ́gba kúrò ní ọjọ́ kejìdínlógún, ó di ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ó ti tó.

Ẹnì kan wà pẹ̀lú tí ìfọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má níye lórí fún. Òun ni ẹni tí bátìrì rẹ̀ ń kún kí aago kan ọ̀sán tó lù, tí kò sì ní ohun tí yóò fi iná ọ̀sán ṣe. Eruku lè jẹ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kí bátìrì náà kún ní aago méjì dípò aago kan. Kò pàdánù kọ́bọ̀. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó pe afọpáńẹ́lì, aago tí bátìrì ń kún ni kí ó máa ṣọ́. Ọjọ́ tí oòrùn bá ń wọ̀ tí bátìrì kò tíì kún, ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ dé sí i lára.

Ohun tí òjò lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe

Àwọn ọmọlẹ́yìn òjò kò jẹ̀bi tán. Láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, òjò ńlá ilẹ̀ Yorùbá ń fọ páńẹ́lì dáadáa, ẹni tí ó bá ń sanwó ìfọ̀ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ní oṣù kẹfà ń sanwó fún àṣehàn. Ṣùgbọ́n òjò ní ààlà mẹ́ta. Òjò àkọ́rọ̀ tí ó kán fẹ́ẹ́rẹ́ ní ìparí ọyẹ́ kì í fọ eruku lọ. Ó ń pò ó di ẹrẹ̀ tóótòòtó ni, oòrùn a sì yan ẹrẹ̀ náà mọ́ gíláàsì. Ìrì òwúrọ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìkejì, páńẹ́lì tí a tẹ́ pẹrẹsẹ kì í jẹ́ kí omi ṣàn dànù. Bí kò bá dagun tó ìwọ̀n mẹ́wàá ó kéré tán, omi a kó eruku lọ sí etí ìsàlẹ̀, a gbẹ síbẹ̀, a sì fi ìlà dúdú kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù. Ìlà tín-ín-rín yìí burú ju bí ó ti rí lọ, nítorí ó bo odidi ìlà àwọn ojú kéékèèké tí ó wà nísàlẹ̀ páńẹ́lì, àwọn ojú wọ̀nyí sì so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀. Ibi tí ọ̀kan bá ti fún, ó ń dí àwọn yòókù lọ́wọ́. Ìkẹta ni ìgbẹ́ ẹyẹ. Òjò kì í tètè mú un kúrò, ibi tí ó bá sì bò lè máa gbóná ju ibi yòókù lọ títí yóò fi ba páńẹ́lì jẹ́. Ìgbẹ́ ẹyẹ kì í dúró de ọjọ́ ìdọ́gba. Kí a mú un kúrò nígbà tí a bá rí i.

Bí a ṣe ń fọ̀ ọ́ láìpa ènìyàn, láìpa páńẹ́lì

Ìwà tí ó burú jù nínú iṣẹ́ yìí ni ìfọ̀ ọ̀sán gangan. Aago méjìlá ọ̀sán ni ọmọ iṣẹ́ sábà máa ń dé, nítorí àárọ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Nígbà náà, ara páńẹ́lì lè gbóná ju ìwọ̀n 60 ti Sẹ́síọ́sì lọ. Omi tútù tí a bá dà sí gíláàsì tí ó gbóná bẹ́ẹ̀ lè mú un sán. Ìgbà náà sì ni iná inú rẹ̀ le jù. Ìdájí, kí oòrùn tó ràn, ni àkókò ìfọ̀. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, kí ó jẹ́ ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ti wọ̀ tí gíláàsì sì ti tutù.

Kí wọ́n kọ́kọ́ pa ohun gbogbo tí ń jẹ iná, lẹ́yìn náà kí wọ́n pa suwíìṣì tí ó wà láàárín páńẹ́lì àti ínfátà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé páńẹ́lì ti kú. Suwíìṣì ń dá iná dúró nísàlẹ̀ ni. Níwọ̀n ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá wà, páńẹ́lì mẹ́ta tí a so ní ìtẹ̀léra ṣì gbé nǹkan bíi fóòtì 150 sórí wáyà tí ó wà lókè. Bí ẹnikẹ́ni bá rí gíláàsì tí ó sán, wáyà tí èèpo rẹ̀ ti bó, tàbí ibi tí iná ti jó dúdú, kí ó má ṣe da omi sí i. Kí ó dúró, kí ó pe ẹni tí ó so ó. Kò sì sí ìdí kankan tí afọpáńẹ́lì fi gbọ́dọ̀ fa wáyà páńẹ́lì yọ láti inú ara wọn. Bí iná bá ń ṣàn nínú rẹ̀ nígbà tí ó fà á, iná yóò bú jáde ní ọwọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, omi ni ó gbọdọ̀ kọ́kọ́ dé, kì í ṣe aṣọ. Eruku ọyẹ́ kì í ṣe àtíkè. Iyanrìn wẹ́wẹ́ ni ó pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi aṣọ gbígbẹ nù ún ń fi iyanrìn họ gíláàsì náà, ó sì ń họ ìpara tín-ín-rín tí ilé iṣẹ́ fi sójú rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Ìhọra náà kò ní kúrò mọ́. Kí a da omi láti òkè sísàlẹ̀ títí eruku tí ó ṣeé ṣàn yóò fi ṣàn, lẹ́yìn náà kí a fi fóòmù rírọ̀ tí a so mọ́ ọ̀pá gígùn fi ọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ nù ún, kí a sì tún fi omi ṣàn án. Ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun kò yẹ ẹ́, nítorí ohun tí ó bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀ yóò gbẹ di awọ tí eruku tuntun yóò lẹ̀ mọ́. Kànrìnkànrìn onírin, iyanrìn, ọ̀bẹ àti ẹ̀rọ tí ń fi agbára tu omi bíi ti àwọn tí ń fọ ọkọ̀, gbogbo wọn ni kí ó jìnnà sí i. Fún ìgbẹ́ ẹyẹ, kí a fi aṣọ tí ó rin fún omi lé e lórí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Yóò rọ̀, yóò sì ṣí kúrò láìjà.

Omi pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Omi kànga ẹ̀rọ ní ọ̀pọ̀ ibi a máa fi funfun sílẹ̀ nínú ìkòkò tí a fi ń sè é. Bí a bá jẹ́ kí irú omi bẹ́ẹ̀ gbẹ lórí gíláàsì, àmì funfun kan náà ni yóò fi síbẹ̀, ìfọ̀ mẹ́wàá yóò sì di ìdọ̀tí tuntun. Omi òjò tí a gbè dára jù ú lọ. Ẹni tí kò bá ní in kí ó fi igi onírọ́bà tí àwọn tí ń nu gíláàsì ọkọ̀ ń lò fa omi náà kúrò kí ó tó gbẹ.

Ní paríparí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ orí páńẹ́lì. Gíláàsì lè má sán, síbẹ̀ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ yóò là ní ìlà tí ojú kò rí, agbára rẹ̀ yóò sì máa dín kù láti ọjọ́ náà lọ. Ẹni tí ó bá lè dúró lórí ilẹ̀ tàbí lórí àkàbà tí ẹlòmíràn dì mú, kí ó má ṣe gun orí òrùlé. Ẹni tí ó bá pọn dandan fún láti gùn ún, kí okùn wà ní ìdí rẹ̀, kí bàtà tí kì í yọ̀ sì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Òrùlé asibẹ́sítọ́ọ̀sì àtijọ́ kò ṣeé tẹ̀ rárá. Ó lè fọ́ lójijì láìfi àmì kankan hàn.

Ta ni ó yẹ kí ó dáhùn?

Ẹ̀bi náà kò bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ tí ó gbé garawa. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń so iná sólà, tí wọ́n ń gbé páńẹ́lì sí góńgó òrùlé tí kò sí ọ̀nà àtidé ibẹ̀, tí wọ́n ń tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ kí iṣẹ́ lè yá, tí wọ́n sì ń fi gbogbo rẹ̀ sórí ìlà kan tí kò sí àfiwé. Wọ́n gba owó wọn, wọ́n lọ, wọ́n ní òjò ni yóò fọ̀ ọ́. Ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn náà, àwọn mìíràn dé, wọ́n ní àfi kí a fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Oníbàárà wà láàárín, kò mọ iye tí ó ń pàdánù, kò sì sẹ́ni tí ó kọ́ ọ bí a ṣe ń kà á.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí oníbàárà máa béèrè kí ó tó sanwó. Lọ́wọ́ ẹni tí yóò so ó, kí ó béèrè ibi tí ènìyàn yóò dúró sí fọ̀ ọ́ àti ibi tí omi yóò gbà dé ibẹ̀; bí ẹni náà kò bá ní ìdáhùn, kò tíì ya àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ tán. Lọ́wọ́ afọpáńẹ́lì, kí ó béèrè pé kí ó fọ ìlà kan ṣáájú, kí wọ́n sì jọ ka iye méjèèjì ní ọ̀sán ọjọ́ kejì; ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lójú kì yóò kọ̀. Lọ́wọ́ ara rẹ̀, kí ó béèrè ìwé kékeré kan tí a fi kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ínfátà, tí ọjọ́ ìfọ̀, iye ọ̀sán àti owó tí a san wà nínú rẹ̀. Ọyẹ́ kan ṣoṣo ti tó fún ìwé náà láti sọ ọjọ́ ìdọ́gba ilé ọ̀hún.

Àwọn tí ń ta ìfọ̀ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ yóò ní ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìfọ̀ márùn-ún nínú ọyẹ́ kan, tí a ṣe ní ìdájí, pẹ̀lú okùn, pẹ̀lú omi tí ó dára, tí a sì fi iye ojú ínfátà jẹ́rìí sí, iṣẹ́ gidi ni, ó sì yẹ kí a san án ní iye tí yóò lè ra bàtà àti okùn fún ẹni tí ń ṣe é. Mẹ́tàlá tí a ṣe ní ọ̀sán gangan pẹ̀lú ọṣẹ ìfọṣọ, lórí páànù tí ń yọ̀, lọ́wọ́ ọmọ tí kò wọ bàtà, kì í ṣe iṣẹ́. Ewu ni a pín sí ìgbà mẹ́tàlá, tí a sì ní kí oníbàárà san án.